Ìnáwó Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Ìsọfúnni Fọ́ǹdù

Gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń bá ará ìlú tọ́jú owó ìdókòwò ní Nàìjíríà ló máa ń gbé ìwé kan jáde lórí fọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan tó ń tà. Ìwé náà kì í sábà ju ojú ewé kan tàbí méjì lọ, oṣooṣù tàbí oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń tún un ṣe. Èrè ọdún tó kọjá ni wọ́n máa ń fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sókè. Iye tí ìtọ́jú owó náà ń jẹ wà nísàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré jọjọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka ti òkè, wọ́n á sanwó, wọn ò sì ní dé ìsàlẹ̀ láéláé.

Èmi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ yí i padà. Nínú gbogbo iye tó wà lójú ìwé yẹn, ìnáwó nìkan ni a lè sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò tún wáyé lọ́dún tó ń bọ̀. Èrè lè wá, ó sì lè má wá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mú ìwé ìsọfúnni fọ́ǹdù kan, ká kà á láti orí ohun tó dájú jù lọ dé orí èyí tí kò dájú rárá. Fọ́ǹdù tí a ó lò yìí, àpẹẹrẹ ni, èmi ni mo ṣètò rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye ọjà ìpín ìdókòwò Èkó tí a ó fi wé e, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Kí la ń rà gan-an?

Fọ́ǹdù ni owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dá pọ̀, tí alábòójútó kan ń bá wọn fi ra ìpín ilé iṣẹ́, ìwé gbèsè ìjọba, tàbí tó ń bá wọn fi sí báńkì fún ìgbà pàtó. Ó jọ àjọ ní ti pé owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà lójú kan. Àmọ́ nínú àjọ, iye tí èèyàn dá ni yóò kó. Nínú fọ́ǹdù, ẹyọ ni wọ́n ń tà fún yín, iye ẹyọ náà sì lè lé tàbí kó dín lójoojúmọ́. Lójú ìwé, iye yìí ni wọ́n ń kọ ní NAV. Bí wọ́n ṣe ń rí i ni pé wọ́n á ṣírò gbogbo ohun tí fọ́ǹdù náà ní, wọ́n á yọ gbèsè àti ìnáwó kúrò, wọ́n á wá fi iye ẹyọ tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn pín ohun tó kù.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wá lójú ìwé ni ọjọ́. Yóò wà níbì kan níbẹ̀ pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ ti ìparí oṣù báyìí báyìí. Bí ẹ bá ń ka ìwé ìparí oṣù Kejìlá ní oṣù Kẹta, ẹ mọ̀ pé alábòójútó ti lè ta ìdajì ohun tó wà nínú àtòkọ yẹn kó tó dé ọwọ́ yín. Ohun kejì ni irú fọ́ǹdù tó jẹ́. Èyí tó ń ra ìpín ilé iṣẹ́ àti èyí tó ń fi owó sí ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ kúkúrú kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi èrè ọ̀kan dá èkejì lẹ́jọ́.

Ká sọ pé fọ́ǹdù àpẹẹrẹ wa jẹ́ ti ìpín ilé iṣẹ́. Ìwé rẹ̀ sọ pé ti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni. Ó ní òun pa èrè 45.1% lọ́dún náà, TER rẹ̀ jẹ́ 3%. Ẹnì kan sì wà tó fẹ́ fi ₦500,000 sínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018.

Iye kan ṣoṣo tó dájú

TER ni gbogbo ìnáwó fọ́ǹdù náà láàárín ọdún kan, tí wọ́n fi wé àròpọ̀ owó tó wà nínú rẹ̀. Owó iṣẹ́ alábòójútó ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Owó báńkì tó ń tọ́jú àwọn ohun ìní fọ́ǹdù náà, owó agbẹjọ́rò àwọn olówó tí wọ́n fi ṣe olùṣọ́, owó olùṣàyẹ̀wò ìṣirò owó àti owó àjọ ìjọba náà wà níbẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rí i pé OCF ni ìwé tiwọn ń kọ. Ohun kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

TER 3% túmọ̀ sí pé ₦3 ń lọ lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Lórí ₦500,000, ₦15,000 ni. Ohun tó ń jẹ́ kí ó ṣòro láti rí ni pé kò sẹ́ni tó máa mú ìwé owó yẹn wá bá yín. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń yọ díẹ̀ díẹ̀, bíi ₦41 lójúmọ́, kí wọ́n tó kéde iye ẹyọ. Nígbà tí NAV bá fi máa dé etí yín, wọ́n ti yọ ọ́ tán. Ọjà ìbáà gbé pẹ́ẹ́lí, ìbáà já wálẹ̀, wọ́n á yọ ọ́.

Ẹ wò ó bí ó ṣe ń rí tí ọdún bá gorí ọdún. Ká ní fọ́ǹdù méjì ń ra ohun kan náà, ohun tí wọ́n rà sì ń mú 15% wá lọ́dọọdún kí wọ́n tó yọ ìnáwó. Ọ̀kan ń ná 1%, èkejì ń ná 3%. Ẹni tó fi ₦500,000 sínú ti àkọ́kọ́ yóò ní nǹkan bíi ₦1,853,000 lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó wà nínú èkejì yóò ní nǹkan bíi ₦1,553,000. Ìyàtọ̀ 2% péré ti di ₦300,000, ìyẹn ju ìdajì owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ. Ohun tó fà á ni pé owó tó jáde lọ́dún kìíní kò sí níbẹ̀ mọ́ láti bí èrè lọ́dún kejì, bẹ́ẹ̀ ni ti ọdún kejì kò sí níbẹ̀ lọ́dún kẹta.

Nígbà náà, TER mélòó ló ti pọ̀ jù? Kò sí iye kan tó bá gbogbo fọ́ǹdù mu. Ẹni tó ń wá ilé iṣẹ́ tí yóò ra ìpín rẹ̀ kiri yóò náwó ju ẹni tó kàn ń ra gbogbo ohun tó wà lọ́jà bó ṣe wà lọ. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ǹdù VOO ti ilé iṣẹ́ Vanguard, tó ń ra ìpín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá 500 láìṣa ẹnì kankan lẹ́sà, ń gba 0.03% péré, ìyẹn dọ́là 3 lórí dọ́là 10,000. Fọ́ǹdù Nàìjíríà kò lè rò pé òun yóò dé ibẹ̀, nítorí pé owó tó wà nínú wọn kéré, ìnáwó tí kò ṣe é dín kù sì pọ̀ lórí wọn. Fọ́ǹdù tó bá jọ ara wọn ni kí ẹ fi wéra: ti ìpín ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ti ìpín ilé iṣẹ́, ní Nàìjíríà níbí.

Kò tán síbẹ̀ o. Àwọn ìnáwó kan wà tí kì í sí nínú TER. Owó tí wọ́n ń san fún alágbàtà nígbàkigbà tí wọ́n bá ra ìpín tàbí tà á sábà máa ń wà níta. Bákan náà ni owó tí àwọn fọ́ǹdù kan ń yọ lára èrè ẹni tó bá tètè kówó rẹ̀ jáde. Bí iye tí wọ́n fi ń tà ẹyọ fún yín bá ga ju iye tí wọ́n fi ń rà á padà lọ́wọ́ yín, ìyẹn náà ìnáwó ni. Ìwé àlàyé kíkún tí fọ́ǹdù náà forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ni ẹ ó ti rí gbogbo rẹ̀.

Níbo lowó náà wà?

Lẹ́yìn ìnáwó, ẹ wá àtòkọ ibi tí owó pọ̀ sí jù. Ó sábà máa ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ mẹ́wàá, pẹ̀lú iye ìdá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó nínú gbogbo owó. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, mẹ́wàá náà kó 78% nínú owó fọ́ǹdù. Èyí túmọ̀ sí pé, bí wọ́n tilẹ̀ ní àwọn ra ìpín ilé iṣẹ́ tó lé ní ogún, mẹ́wàá yìí ni yóò pinnu bí owó yín yóò ṣe rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà jọ. Nínú mẹ́wàá wa, báńkì márùn-ún wà: GTBank 13%, Zenith 12%, UBA 9%, Access 8%, Stanbic IBTC 5%. Ẹ rò ó pọ̀: 47%. Orúkọ márùn-ún ni lójú ìwé, ṣùgbọ́n nǹkan kan náà ló lè ba gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ rántí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé báńkì tó bá ń ṣòwò dé ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ ₦500 bílíọ̀nù. Àṣẹ yẹn kò yọ báńkì ńlá kankan sílẹ̀, èyí tó ń ṣe dáadáa àti èyí tí kò ṣe dáadáa. Bí iye ìpín báńkì bá já wálẹ̀ ní 30%, tí gbogbo ìyókù sì dúró gbọn-in, fọ́ǹdù àpẹẹrẹ wa yóò pàdánù nǹkan bíi 14%. Lórí ₦500,000, ó ti di ₦70,500.

Èyí kò sọ pé fọ́ǹdù tí báńkì pọ̀ nínú rẹ̀ kò dára. Ohun tó ń sọ ni pé kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Bí ẹ bá ti ní ìpín báńkì lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, fọ́ǹdù yìí ń kó ewu kan náà lé ewu tó wà nílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tan ara wọn jẹ: wọ́n á ra fọ́ǹdù mẹ́ta lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta, wọ́n á ní àwọn ti pín owó àwọn káàkiri. Ẹ tẹ́ àtòkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọjà Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ńlá púpọ̀ tí fọ́ǹdù lè fi owó gọbọi ra ìpín wọn, nítorí náà orúkọ kan náà ni ẹ ó máa rí: Zenith, GTBank, Dangote, MTN. Ìnáwó mẹ́ta ni ẹ ń san lórí ẹrù kan.

Ẹ wo iye owó tí wọn kò tíì fi ra nǹkan kan pẹ̀lú. Díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, torí àwọn tó fẹ́ kówó wọn jáde. Àmọ́ bí fọ́ǹdù ìpín ilé iṣẹ́ bá fi 30% sí báńkì lásán, ẹ ń san owó iṣẹ́ alábòójútó lórí owó tí ẹ̀yin fúnra yín lè gbé lọ sí báńkì.

Èrè ọdún tó kọjá

Ìgbà yìí la tó lè gbójú sókè wo iye gàdàgbà yẹn: 45.1%. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé sọ pé òṣùwọ̀n gbogbo ọjà, tí wọ́n ń kọ ní ASI, lọ sókè ní 42.3% lọ́dún 2017. Ó wá dà bíi pé alábòójútó yìí ju ọjà lọ.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. ASI ń ka iye ìpín nìkan. Kò ka èrè owó tí àwọn ilé iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ni ìpín wọn. Fọ́ǹdù ń gba èrè yẹn sápò, ó sì wà nínú 45.1% tó kọ sílẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ bá pín èrè tó tó 4% lọ́dún náà, ẹni tó kàn ra gbogbo ọjà bó ṣe wà ìbá ní nǹkan bíi 46%. Alábòójútó wa kò ju ọjà lọ. Ó tilẹ̀ rẹ̀yìn díẹ̀.

Ohun tó tóbi ju ìyẹn lọ ni ìdí tí ọjà fi gòkè. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, Báńkì Àpapọ̀ ṣí ojú ọjà tuntun fún àwọn olùdókòwò àti àwọn tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sókè òkun láti máa ṣe pàṣípààrọ̀ owó. Àwọn olówó òkèèrè tó ti sá lọ padà wá, wọ́n sì ra ìpín. Ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò ní ṣí lọ́dọọdún. Lọ́dún 2018, ìdíje ìbò ọdún 2019 ń sún mọ́lé, èlé owó ń lọ sókè ní Amẹ́ríkà, àwọn olówó òkèèrè sì tún ń kó ẹrù wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀lé ₦500,000 wa. A ó gbà pé ó ń rìn pẹ̀lú ASI, kí ìṣirò má bàa díjú. ASI já wálẹ̀ ní 17.81% lọ́dún 2018. Owó náà di ₦411,000. Ó tún já ní 14.60% lọ́dún 2019. Ó di ₦351,000. Ẹni tó rí 42% tó fi sáré wọlé ti pàdánù nǹkan bí ₦149,000 láàárín ọdún méjì.

Ní ìparí ọdún 2019, ẹni náà yóò tún mú ìwé wò, yóò rí pupa lórí pupa. Ọ̀pọ̀ ló sá jáde nírú àkókò yẹn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé àwọn ará ìlú àti ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe báńkì kò gbọ́dọ̀ ra irú ìwé gbèsè kan tí òun ń tà mọ́. Owó tó pọ̀ jọjọ kò rí ibi tí yóò lọ, èlé ìwé gbèsè ìjọba já wálẹ̀ débi pé nígbà tó yá kò tó 1%, owó sì ya lọ sí ọjà ìpín. Ní ọdún 2020, ọdún àrùn Kòrónà, ASI gòkè ní 50.03%. Ìwé ọdún 2017 fi ìkùukùu tó ń bọ̀ pamọ́, ìwé ọdún 2019 sì fi oòrùn tó fẹ́ yọ pamọ́.

Ẹni tó fara dà á títí dé ìparí ọdún 2020 ní nǹkan bíi ₦526,500. Èrè ọdún mẹ́ta ni ₦26,500 láìka èrè tí ilé iṣẹ́ pín. Ṣùgbọ́n bí ọjà oúnjẹ àti nǹkan mìíràn ṣe gbówó lórí láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, ohun tí ₦500,000 rà ní ìparí ọdún 2017 ti di ohun tó lé ní ₦700,000.

Nínú ìtàn yìí ni ọ̀nà méjì tí èrè àná lè gbà ṣì wá lọ́nà láìpa irọ́ kankan. Àkọ́kọ́ ni ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìwé ìparí ọdún 2020 lè kọ 50% fún ọdún kan, kó sì kọ 5% fún ọdún mẹ́ta, lórí owó kan náà. Òótọ́ ni méjèèjì, àmọ́ ẹ ti mọ èyí tí wọn yóò fi lẹ́tà gàdàgbà kọ. Ẹ wá ti ọdún mẹ́ta, ẹ wá ti ọdún márùn-ún, ẹ sì ní kí wọ́n fi ti ọdún kọ̀ọ̀kan hàn yín, títí kan ọdún tó burú jù.

Èkejì ni ìpíndọ́gba. Ẹ gbé èrè ASI ọdún 2017, 2018 àti 2019 kalẹ̀: 42.30%, ìyọkúrò 17.81%, ìyọkúrò 14.60%. Bí ẹ bá rò wọ́n pọ̀ tí ẹ fi mẹ́ta pín in, ẹ ó rí 3.3% lọ́dún. Ó dà bí èrè. Ṣùgbọ́n ASI bẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ní 26,874.62, ó sì parí ọdún 2019 ní 26,842.07. Kò sí èrè kankan níbẹ̀, díẹ̀ tilẹ̀ ti lọ. Àdánù 17.81% yẹn ń jẹ nínú owó tó ti wú, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Nítorí náà, bí ìwé bá kọ èrè ọdọọdún, ẹ béèrè bóyá ìpíndọ́gba lásán ni tàbí bí owó ṣe dàgbà gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìkìlọ̀ tí ẹ ó rí nísàlẹ̀ ìwé, pé èrè àtẹ̀yìnwá kì í ṣe ẹ̀rí èrè ọjọ́ iwájú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò kàn tì síbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 2017 sí 2020 ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Ìwúlò èrè àná kò tán pátápátá. Kò lè sọ iye tí ẹ ó jèrè, ṣùgbọ́n ó lè sọ bí owó yín ṣe lè já tó. Bí ₦500,000 yẹn bá jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ tí ẹ ó san ní ọdún méjì sí i, ₦351,000 ti dá yín lóhùn: kì í ṣe inú fọ́ǹdù ìpín ilé iṣẹ́ ló yẹ kó wà. Bí ó bá jẹ́ owó tí ẹ lè gbàgbé fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ẹ lọ sórí ìkànnì àjọ SEC, tó ń ṣàbójútó ọjà okòwò ní Nàìjíríà, kí ẹ rí i dájú pé orúkọ fọ́ǹdù náà wà lára èyí tó forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ń gbé NAV àwọn fọ́ǹdù jáde níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé fọ́ǹdù méjì tàbí mẹ́ta tó jẹ́ irú kan náà. Ẹ kọ TER wọn sílẹ̀, ẹ kọ iye tí ilé iṣẹ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ kó, ẹ kọ ọdún tó burú jù lọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí. Bí àtòkọ wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, tí ọ̀kan ń gba 1% tí èkejì ń gba 3%, ẹni tó ń gba 3% ló ní àlàyé láti ṣe, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ bi í, kí ẹ má sì sanwó títí àlàyé rẹ̀ yóò fi yé yín.